Òǹtẹ̀ Tí Ó Bo Ọ̀rọ̀ Mọ́lẹ̀: Ojúṣe Ògbufọ̀ Èdè Lárúbáwá

Nígbà tí ògbufọ̀ bá ń túmọ̀ fọ́tò ìwé ìjọba sí èdè Lárúbáwá, ohun tí wọ́n tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ lórí sábà máa ń dà á láàmú ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Òfin kan ni ó yẹ kí ó dì mú: ohun tí ó bá rí ni kí ó kọ, èyí tí kò bá rí, kí ó sọ pé kò ṣeé rí.

Àpẹẹrẹ kan ni ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí láti Nàìjíríà, tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ lò ní yunifásítì kan ní Sáúdí Arébíà. Etí òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù gba orí ọjọ́ ìbí kọjá, kò sì hàn bóyá 13 ni tàbí 18. Tàdáwà dúdú ni wọ́n fi kọ ọjọ́ náà. Bí ògbufọ̀ bá fi kọ̀ǹpútà ya àwọ̀ inú fọ́tò sọ́tọ̀, tí ó sì wo ti búlúù nìkan, òǹtẹ̀ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, ọ̀rọ̀ dúdú yóò sì kù. Bí ó bá wo ti pupa, òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò ṣú dúdú tí yóò ṣeé kà. Ṣùgbọ́n bí òǹtẹ̀ náà bá dúdú bí ọ̀rọ̀, ọgbọ́n yìí kò ṣiṣẹ́.

Bí kò bá tíì hàn, kí ògbufọ̀ má ṣe mú nọ́ńbà inú páṣípọ́ọ̀tù wá dí àlàfo náà, nítorí ìwé tí ó wà níwájú rẹ̀ nìkan ni ó ń jẹ́rìí sí. Kí ó béèrè fọ́tò mìíràn. Bí kò bá sí, kí ó kọ [غير مقروء], èyí tí í ṣe "kò ṣeé kà", sí àyè nọ́ńbà náà. Àlàfo tí ó hàn gbangba ṣeé tún ṣe; nọ́ńbà tí ògbufọ̀ méfò lè yàtọ̀ sí ti ìwé ìpilẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Lárúbáwá náà ختم gbòòrò bí "òǹtẹ̀" ti gbòòrò: ó kan èyí tí ó ní tàdáwà àti èyí tí wọ́n kàn fi irin tẹ̀ mọ́ bébà. Èyí èkejì ni ختم جاف, "òǹtẹ̀ gbígbẹ" sì bá a mu. Inú fọ́tò, kì í sábà hàn àfi bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ wá. Ní ti علامة مائية, "àmì inú bébà" sàn ju "àmì olómi" lọ, nítorí òǹkàwé lè rò pé omi ni ó dà sí ìwé náà. Ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀yìn bébà ni ó máa ń fi í hàn dáadáa. Nítorí náà, kí ògbufọ̀ má ṣe kọ ọ́ kìkì nítorí pé ó mọ̀ pé irú bébà bẹ́ẹ̀ máa ń ní in.

Bákan náà ni ti ìbuwọ́lù. [توقيع] ni kí ó kọ. Orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni kí ó túmọ̀, kí ó má ṣe fa orúkọ yọ láti inú ìlà wíwọ́. Níwọ̀n bí a ti ń kọ Lárúbáwá láti ọ̀tún sí òsì, kí ó sọ ibi tí àmì kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé ìpilẹ̀: "lápá òsì nísàlẹ̀, ó bo ọjọ́ ìbí". Kí ó má sì gé àwòrán òǹtẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìtúmọ̀ rẹ̀, kí ìtúmọ̀ má baà dà bí ìwé-àṣẹ mìíràn.