Ara Tó Sú Lẹ́yìn Oògùn Tuntun, Tí Ẹnu Sì Bó

Ọ̀rọ̀ ìyàwó àbúrò mi ni abala ìlera wa dá lé lọ́tẹ̀ yìí.

Ikọ́ ló ń ṣe é. Ó ra Sẹ́pítírìn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, ó lò ó fún ọjọ́ 5, ikọ́ sì lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 10 tó ti kọ́kọ́ lò ó, ibà dé, ojú rẹ̀ pọ́n, ọ̀fun ń dùn ún. A ní ibà lásán ni. Lọ́jọ́ kejì, àmì tó dúdú ju ara rẹ̀ lọ sú sí i láyà àti lójú, ètè rẹ̀ bó, kò lè gbé itọ́ mì. Ìyá wa wò ó, wọ́n ní, "Ilẹ̀ẹ́gbóná nìyí. Ẹ má gbé e jáde, ẹ fi àdí pa á lára."

Ohun tí wọ́n bá láyé ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ìgbóná tí àwọn baba wa mọ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ pátápátá, ọdún 1980 ni wọ́n kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé. Ọmọ wa kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló béèrè pé, "Ìyàwó wa, oògùn wo lẹ lò lóṣù yìí?" Ìbéèrè yẹn ló gbà á là.

Àìsàn Sítífìnsì-Jọ́nsìn ni. Àwọn ọmọ ogun inú ara ló yíjú sí awọ nítorí oògùn, awọ á kú, á sì máa bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí. Omi ara á máa gbẹ, kòkòrò á rí ọ̀nà wọlé, ojú sì lè fọ́. Nínú ẹni 10 tó bá mú, bí ẹnì 1 ń kú. Bí awọ tó bó bá ti pọ̀, ikú ń pọ̀ sí i.

Ó sábà máa ń yọ láàárín ọjọ́ 4 sí ọ̀sẹ̀ 4 tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn, kódà bí oògùn náà ti tán. Sẹ́pítírìn nìkan kọ́ ló ń fà á: oògùn wárápá bíi kabamasẹpíìnì wà níbẹ̀, alopurínọ́ọ̀lù tí wọ́n ń lò fún gáùtì náà wà níbẹ̀.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀? Ara tó kàn ń yún lẹ́yìn oògùn wọ́pọ̀. Èyí kì í sábà yún, ríro ló ń ro. Ibà á ṣáájú, ẹnu á bó, ojú á pọ́n, ojú ara náà lè bó. Bí ẹ bá rí ara tó sú pẹ̀lú egbò ẹnu, ẹ dá oògùn náà dúró, kí ẹ sì dé ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹni tó ń lo oògùn wárápá kò gbọdọ̀ dá a dúró kó jókòó sílé, torí gìrì lè padà. Dókítà á fún un ní òmíràn. Ẹ mú páálí gbogbo oògùn tó lò dání. Ẹ má bẹ́ ìléròrò, ẹ má fi àdí tàbí àgbo pa á.

Ọ̀sẹ̀ 3 ló lò ní ilé ìwòsàn. Wọ́n ń tọ́jú awọ rẹ̀ bí ti ẹni tí iná jó, dókítà ojú sì ń yẹ ojú rẹ̀ wò lójoojúmọ́. Ó yè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì máa ń gbẹ. Orúkọ Sẹ́pítírìn wà nínú káàdì rẹ̀ báyìí, torí kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án mọ́ láyé. Ìyá wa ló ń rán an létí jù.