Irọ́ Oṣù Mẹ́rìndínlógún Tí A Pa Mọ́ Náírà

Ní ọjọ́ Ajé, ogúnjọ́ oṣù Kẹfà ọdún 2016, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ jọ̀wọ́ okùn ọrùn náírà, tí dọ́là kan tí a ti ń pè ní náírà 197 sì di nǹkan bí 280 kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí oníṣòwò kan tí ẹnu yà, nítorí bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá.

Kì í ṣe pé náírà wálẹ̀ ni ó bí wa nínú. Nínú dọ́là mẹ́wàá tí Nàìjíríà ń rí nígbà náà lórí ọjà tí ó ń tà sókè òkun, epo rọ̀bì ni ó ń mú nǹkan bí mẹ́sàn-án wá. Epo yìí kan náà tí àgbá rẹ̀ ju dọ́là 110 lọ ní oṣù Kẹfà ọdún 2014 sì já wálẹ̀ sábẹ́ 30 ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2016, bẹ́ẹ̀ àlìkámà, ẹ̀rọ, oògùn àti epo bẹntiróòlù tí a ń kó wọlé ṣì ń béèrè dọ́là tiwọn. Nígbà tí èyí tó ń wọlé kò tó èyí tó ń jáde, ọ̀wọ́n dọ́là di dandan. Báńkì Àpapọ̀ kọ́ ni ó fa ìyẹn, a sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó dùn wá wọ eegun ni pé wọ́n fi oṣù mẹ́rìndínlógún kan iye kan mọ́gi, tí wọ́n ń bu owó òkèèrè tí a fi pamọ́ láti gbé e ró, títí owó náà, tí ó tó nǹkan bí bílíọ̀nù dọ́là 37 ní àárín ọdún 2014, fi di nǹkan bí 26. Ta ni ó jẹ èrè rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ẹni tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tí báńkì ta dọ́là 10,000 fún ní 197, san náírà 1,970,000. Bí ó bá gbé e lọ sí ọjà fàyàwọ́, níbi tí dọ́là ti ń lọ ní 350 nígbà náà, ó kó 3,500,000 sápò, kò gbin iṣu, kò sì hun aṣọ. Náírà 1,530,000 tí ó fi jèrè, àpò gbogbo wa ni ó ti yọ ọ́. Ẹni tí ó sì ta kòkó sókè òkun, tí wọ́n ní kí ó gba 197 lórí dọ́là rẹ̀, kí ni yóò mú kí ó yá a lára láti kó o wálé? Irọ́ tí wọ́n ní àwọn fi ń dáàbò bo dọ́là ni ó tún ń lé dọ́là sẹ́yìn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ le tán, ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, wọ́n ka ọjà 41, títí kan igi ìtayín, pé ẹni tó bá fẹ́ kó wọn wọlé kò gbọdọ̀ rí dọ́là rà ní báńkì. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Àwọn tí wọ́n lé jáde kò pa ìṣòwò tì. Ọjà fàyàwọ́ ni wọ́n gbà lọ, dọ́là ibẹ̀ sì túbọ̀ gbówó lórí.

Kí Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà dọ́là wà lómìnira bí wọ́n ti kéde rẹ̀, kí ìjọba sì tún àwọn ibi ìfọpo ṣe, kí dọ́là tí a ń ná lórí bẹntiróòlù lè dín kù. Ní ti oṣù mẹ́rìndínlógún náà, kí wọ́n tẹ orúkọ gbogbo ẹni tí ó gba dọ́là ní 197 jáde, pẹ̀lú iye tí oníkálukú gbà àti ọjà tí ó fi kó wọlé.