Ọpẹ́ Tó Mọ Ohun Tó Ń Dúpẹ́ Lé Lórí

Bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Òmíràn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lé kiri, wọ́n sì ń fo oore àná tí òwe náà kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹni tó bá lọ kí olóde lọ́jọ́ kejì kì í sọ pé "ẹ ṣeun" lásán. "Ẹ kú ìnáwó àná" ló ń wí, kí olóde lè mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ sì rí i. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló yẹ kí ímeèlì ìdúpẹ́ lẹ́yìn íńtáfíù rí.

Ká ní ọ̀dọ́bìnrin kan láti Ìkọ̀tún lọ fún íńtáfíù iṣẹ́ àkọsílẹ̀ aláìsàn ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìgàndó. Dókítà, nọ́ọ̀sì àgbà àti akáńtà ló jókòó síwájú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì béèrè ohun tí yóò ṣe bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà sì kú. Ó ní òun yóò máa kọ orúkọ àwọn aláìsàn sínú ìwé. Dókítà wá bi í pé, ẹni méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni àkókò tán. Bó bá kọ ọ́ sínú ímeèlì ìdúpẹ́ rẹ̀ pé "inú mi dùn fún àǹfààní yìí," gbogbo iléeṣẹ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá ló lè fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n bó bá kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣeun fún ìbéèrè yín lórí orúkọ tó jọra. Mo ti rí i pé orúkọ nìkan kò tó, ó yẹ kí n kọ nọ́ńbà káàdì àti ọjọ́ ìbí mọ́ ọn," wọn yóò mọ̀ pé ó ń gbọ́ wọn. Kí ó fi dá ímeèlì tí wọ́n fi pè é lóhùn, lọ́jọ́ náà tàbí láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi han àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹnìkan lè ní ẹ̀bẹ̀ lèyí. Yóò di ẹ̀bẹ̀ bó bá tọrọ èsì, bó bá dá ọ̀rọ̀ owó oṣù sílẹ̀, tàbí bó bá fi káàdì ìpè tì í lẹ́yìn. Ẹlòmíràn lè ní wọ́n ti fún kálukú ní máàkì kí wọ́n tó dìde. Òótọ́ ni, pàápàá níbi iṣẹ́ ìjọba, ímeèlì kankan kò ní yí i padà. Ṣùgbọ́n níbi tí wọn kò tí ì fẹnu kò, ó parí ìdáhùn tí àkókò gé kúrú. Ewu tó wà níbẹ̀ ni àṣìṣe: bó bá gbé ìbéèrè dókítà fún akáńtà, ó ti fi hàn pé òun kò fetí sílẹ̀. Nítorí náà, kí ó kọ ohun tí kálukú béèrè sílẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ padà sí Ìkọ̀tún. Òmíràn tí òwe ń wí lè má jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Ó lè jẹ́ pé ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ mú kò wá mọ́, wọ́n á sì wá ẹni tí wọ́n ṣì rántí.