Bàbá Onílé, A Ó Kó Jáde

Oṣù tó kọjá ni mo kọ lẹ́tà sí onílé tí mò ń gbé ilé rẹ̀ ní Ìlaró, pé bí ọdún tí a san owó rẹ̀ bá ti pé, èmi àti ará ilé mi yóò kó jáde. Àwọn tó gbọ́ ń bi mí bóyá ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá ẹnìkan jà. Owó la kà tí kò pé. Ọ̀pọ̀ ayálégbé ní Yewa, láti Ìlaró dé Ayétòrò, ló ń ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ lórí ibùsùn láàárín òru, tí wọn kì í sì í kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbé díẹ̀ nínú lẹ́tà náà síta.

Báyìí ló ṣe bẹ̀rẹ̀: “Ẹ̀yin Bàbá wa, mo kí yín o, mo sì kí Ìyá. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ni àgírímẹ́ǹtì wa yóò parí. Ẹ ti ránṣẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, owó fúláàtì yóò kúrò ní náírà 300,000 lọ́dún, yóò di 550,000. Mo dúpẹ́ pé ẹ tètè sọ. Èmi àti ìyàwó mi ti jókòó tì í, agbára wa kò ká a. A ó kó jáde kí ọjọ́ náà tó kọjá, a ó sì fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó ń bá yín mójú tó ilé lọ́wọ́.”

Ọjọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ, torí orí ọjọ́ ni ìjà onílé àti ayálégbé ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé àdéhùn bá sọ pé ọdún kan ni, láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, àdéhùn náà parí fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá pé, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ẹni tó ń lọ kọ́kọ́ fún onílé ní ìwé. Tiwa béèrè oṣù méjì, mo sì tètè kọ. Ẹni tí ìwé àdéhùn rẹ̀ ti parí láti ayé ọjọ́un, tó kàn ń san owó lọ́dọọdún, tí onílé náà sì ń gbà á, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ó ti di ayálégbé ọdọọdún. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín wọn, ìwé oṣù mẹ́fà ni ẹnì kan ń fún ẹnì kejì kí ilé tó tú.

Mo máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn nílùú yìí ń gbé òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ko onílé wọn lójú, èyí tó ní onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Òfin Èkó kò kọjá Èkó. Kódà nínú Èkó, Ìkòyí àti Àpápá wà lára àdúgbò tí òfin náà yọ sílẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ohun tí èèyàn fọwọ́ sí ni yóò kọ́kọ́ wò. Ohun tó sì burú jù ni kí owó tuntun dé etígbọ̀ọ́ rẹ, kí o dákẹ́, kí o sì máa gbé ilé lọ. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, onílé lè sọ pé ìdákẹ́ rẹ fi hàn pé o ti gbà.

Alhaji, onílé wa, kì í ṣe èèyàn burúkú. Nígbà tí mo pè é lórí fóònù, símẹ́ǹtì ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ní kí n wo iye tí báàgì kan ń jẹ́ báyìí. Òótọ́ ni. Ní nǹkan bí ọdún 2018, èèyàn lè fi ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ náírà àti díẹ̀ lé e ra báàgì kan. Ní oṣù kejì ọdún 2024, ó ti gòkè débi tí àwọn mínísítà fi pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, wọ́n sì jọ fẹnu kò sí 7,000 sí 8,000 náírà. Ìbẹ̀ṣè tí Dangote ti ń ṣe símẹ́ǹtì láti ọdún 2012 kò jìnnà sí wa rárá; à ń rí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, à ń fa eruku rẹ̀ símú, a kò sì rà á ní owó ará ilé.

Ṣùgbọ́n mo rán Alhaji létí nínú lẹ́tà pé símẹ́ǹtì òní kọ́ ló fi kọ́ ilé tí mò ń gbé. Ilé náà ti dúró kí n tó dé ibẹ̀, wọn kò sì jẹ gbèsè kankan lórí rẹ̀. Símẹ́ǹtì òní kan àtúnṣe, ó sì kan ilé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́. Bí ó bá ní òun fẹ́ tún òrùlé ṣe, kí n dá sí i, n ó gbọ́. Bí ó bá jẹ́ pé owó ilé mi ni yóò fi kọ́ ilé tuntun ní Ọ̀tà, a jẹ́ pé èmi náà ti ń kọ́lé nìyẹn, kìkì pé n kò ní gbé inú rẹ̀.

Níbi tí owó mi ti ń wá, Alhaji mọ̀ ọ́n. Owó oṣù tó kéré jù lọ kúrò ní 30,000 ti ọdún 2019, ó di 70,000 ní ọdún 2024, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì san 77,000. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni owó tiwọn ju ìlọ́po méjì lọ. Àwa tó wà lókè díẹ̀, wọ́n fi nǹkan kún un fún wa, kò tó ìlọ́po méjì, kò sún mọ́ ọn. Ìyàwó mi ń tajà. Ẹnubodè tí ìjọba àpapọ̀ tì ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, tí wọn kò ṣí ti Ìdìròkò títí di oṣù kẹrin ọdún 2022, ló jẹ owó òwò rẹ̀, kò sì tíì padà sípò títí di òní. Láti inú irú owó yìí la ti fẹ́ yọ 550,000 lẹ́ẹ̀kan náà.

“Lẹ́ẹ̀kan náà” yẹn gan-an ló ń pa wá. Oṣooṣù ni owó ń wọlé, ọdọọdún ni ilé ń gbà á. Owó tí a kó jọ fún ilé lé díẹ̀ ní 410,000. Láti dúró, a ó yá 140,000 lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èlé ọdún kan rẹ̀ yóò sì jẹ́ 14,000. Gbogbo rẹ̀ di 564,000.

Ìyẹn kò ní kí lílọ jẹ́ ọ̀fẹ́. A rí fúláàtì yàrá méjì kan lẹ́yìn ìlú, 280,000 lọ́dún. Ajẹ́ǹtì gba ìdá mẹ́wàá, 28,000. Owó àgírímẹ́ǹtì, 28,000 mìíràn. Owó kọ́ṣọ̀n tí a fi sílẹ̀ nítorí ohun tó lè bàjẹ́, 30,000. Ọkọ̀ tí yóò kó ẹrù àti àwọn tí yóò gbé e, 40,000. Ó di 406,000, owó tó wà nílẹ̀ sì kárí rẹ̀ láìyá kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ilé náà jìnnà sí títì. Ọ̀kadà tí a kò gùn tẹ́lẹ̀ yóò máa mú nǹkan bí 500 náírà kún ìnáwó wa lójoojúmọ́ tí a bá ń lọ síṣẹ́. Fún 250 ọjọ́ iṣẹ́, 125,000 nìyẹn. Àròpọ̀, 531,000.

Ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo ìdààmú kíkó ẹrù, 33,000 péré ló dá padà fún wa lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń kó kiri lọ́dọọdún torí ilé tó wọ́n, ajẹ́ǹtì ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ọdún kejì ni èrè wà: níbẹ̀ a ó san 280,000 àti ọ̀kadà, 405,000, ká ní a dúró, ó kéré tán 550,000 ni. Nítorí náà, kí n tó san kọ́bọ̀ fún onílé tuntun, mo ní kó kọ ọ́ sínú ìwé pé owó náà kò ní yí padà fún ọdún méjì. Ó kọ́kọ́ lọ́ra. Ìgbà tó rí i pé mo ti ń ká ìwé owó mi padà sápò, ó fọwọ́ sí i. Láìsí ìlà kan yẹn, ǹ bá dúró sí ibi tí mo wà, kí n yáwó.

Mo ṣe ìṣirò ti Alhaji náà fún un. Kí n tó kọ lẹ́tà, mo ti bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n san 400,000 lọ́nà méjì, ó ní rárá. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àmọ́ 550,000 lọ́dún jẹ́ nǹkan bí 46,000 lóṣù. Ìyàtọ̀ láàárín ohun tí mo lè san àti ohun tó fẹ́ jẹ́ 150,000. Bí ilé náà bá ṣófo ju oṣù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ kó tó rí ẹni tí yóò san 550,000, ìyàtọ̀ náà ti bá atẹ́gùn lọ, láìka ọ̀dà tí yóò fi kun ilé kún un. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ onílé ìlú wa jẹ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì. Bí wọ́n bá wọlé, yàrá kan pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó gbà á, owó rẹ̀ sì ń gòkè. Onílé wá ń fi yàrá akẹ́kọ̀ọ́ díwọ̀n fúláàtì ìdílé. Àwọn tó ń gba yàrá kan kò wá fúláàtì yàrá mẹ́ta irú èyí tí à ń gbé, àwọn tó ń wá yàrá mẹ́ta nílùú yìí kò sì pọ̀. Irú wa ni púpọ̀ nínú wọn, owó irú wa náà ló wà lọ́wọ́ wọn.

Ìyókù lẹ́tà náà lọ sórí ohun tí a ó fi sílẹ̀. Mo kọ nọ́ńbà mítà iná sí i, mo sì ní n kò ní fi gbèsè iná sílẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí alámòójútó rẹ̀ bá wa yí ilé ká kí a tó kó ẹrù àti lẹ́yìn rẹ̀, kí a jọ ya fọ́tò ògiri, ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ omi àti ilé ìdáná. Ọ̀dà tó ṣá torí pé a gbé inú ilé kì í ṣe ìbàjẹ́. Síǹkì tó là nílé ìdáná, ọmọ wa ló ju odó sí i, mo ti ní n ó pààrọ̀ rẹ̀. Mo tẹ lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, alámòójútó sì fọwọ́ sí èyí tó wà lọ́wọ́ mi, ó kọ déètì sí i.

Ó ku owó kọ́ṣọ̀n tí mo fi sílẹ̀ nígbà tí a wọlé ní ọdún 2018, náírà 40,000. Lọ́dún yẹn, ó tó ra símẹ́ǹtì báàgì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ká ní 8,000 ni a fi ń ra báàgì kan, márùn-ún péré ni yóò rà. Mo béèrè rẹ̀ láìfi nǹkan kún un, nítorí ohun tí a kọ sínú ìwé nìyẹn, mo sì kọ nọ́ńbà àkáǹtì mi sísàlẹ̀. Nínú àgírímẹ́ǹtì tuntun, mo ti ní kí wọ́n kọ ọ́ pé láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí a bá dá kọ́kọ́rọ́ padà ni owó kọ́ṣọ̀n gbọdọ̀ padà sọ́wọ́ wa. Ti àtijọ́ kò sọ ọjọ́ kankan, a ṣì ń retí Alhaji.