Báwo ni Ẹran Ìgbẹ́ Yìí Ṣe Kú?

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lọ sí Ṣàgámù kò ní ṣàì rí àwọn tó ń na ọ̀yà sókè sí àwọn onímọ́tò lẹ́bàá títì. Ẹran náà ti gbẹ nínú èéfín, ó ti dúdú, òórùn rẹ̀ sì ń fa ènìyàn. Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ wa máa ń bi ẹni tó ń tà á kò ju “èló ni?” lọ. Ìbéèrè kan wà tó yẹ kó ṣáájú ìyẹn: kí ló pa ẹran yìí?

Ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé kò sí àrùn tí iná kò lè pa. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí ẹran tó bá jinná dé egungun kì í sábà ní kòkòrò àrùn tó kù láàyè nínú. Ṣùgbọ́n kí ẹran tó dé orí iná, ẹnì kan ti gbé e kọ́ èjìká, ẹnì kan ti là á nínú, ẹ̀jẹ̀ ti kan ọwọ́, ọ̀bẹ sì lè ti gé ìka. Ibẹ̀ ni àrùn ti ń rí ọ̀nà wọlé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Mayibú ní orílẹ̀-èdè Gàbọ́ọ̀nù, àwọn kan rí òkú ìnàkí nínú igbó. Ẹran ọ̀fẹ́ ni lójú wọn. Wọ́n gbé e wálé, wọ́n bó awọ rẹ̀, wọ́n gé e, wọ́n sì jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí ibà líle, orí fífọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru tó ní ẹ̀jẹ̀ nínú fi bẹ̀rẹ̀. Àrùn Ẹ̀bólà ni. Nígbà tí àwọn oníṣègùn ṣe ìwádìí, wọ́n rí i pé àwọn tó fọwọ́ bó ìnàkí náà, tí wọ́n sì gé e, ni àrùn kọ́kọ́ mú. Láti ọ̀dọ̀ wọn ló ti ran àwọn ará ilé tó ń tọ́jú wọn. Kí àjàkálẹ̀ náà tó rọlẹ̀, ènìyàn 37 ló ti ní in, 21 nínú wọn sì kú. Ẹ̀bólà máa ń pa ìnàkí gẹ́gẹ́ bó ṣe ń pa ènìyàn. Òkú tí wọ́n rò pé orí ló fi ta wọ́n lọ́rẹ, òkú àrùn ni.

Àwọn kan á sọ pé aláìsàn tó wọ bàálù láti Làìbéríà ló gbé Ẹ̀bólà wọ Èkó lọ́dún 2014, kì í ṣe ọlọ́dẹ kankan. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tún lè sọ pé ọ̀yà kọ́ ni wọ́n mọ̀ mọ́ àrùn yẹn. Èyí náà rí bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀bọ, ìnàkí àti àdán ni ìfura rẹ̀ pọ̀ sí jù, èmi kò sì rí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ máa pa wọ́n jẹ. Ṣùgbọ́n ẹranko kọ̀ọ̀kan ló ní ewu tirẹ̀. Ní Oǹdó àti Ẹdó, ibà Lásà ni ẹ̀rù tó wà lára eku, ẹni tó bá sì ń fi ọwọ́ lásán bó eku tí pàkúté mú lóko ń fi ara rẹ̀ wewu.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí màlúù. Ní odò ẹran tí iṣẹ́ ti ń lọ bó ṣe yẹ, dókítà ẹranko á kọ́kọ́ wo màlúù náà láàyè: bó ṣe ń rìn, bó ṣe ń mí, bóyá nǹkan ń jáde nímú rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá pa á tán, á tẹ ẹ̀dọ̀fóró wò, á la ẹ̀dọ̀, á gé àwọn kókó tó wà lọ́rùn àti láyà. Bí ó bá rí kókó tí ohun tó jọ wàràkàṣì kún inú rẹ̀, ó mọ̀ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ lè wà níbẹ̀, ẹran náà kò sì ní dé ọjà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo odò ẹran ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ojú lásán kò sì lè rí gbogbo àrùn. Síbẹ̀, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wò ó.

Ta ló wo ọ̀yà ẹ̀bá títì? Ẹni tó mọ̀ bóyá ẹran náà ń sáré tàbí ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ kó tó kú wà nínú igbó lọ́hùn-ún. Ìfun, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti dànù. Iná ti jó irun rẹ̀, èéfín sì ti pa àwọ̀ ẹran náà dà. Bí a tilẹ̀ gbé dókítà ẹranko tó mọ iṣẹ́ jù lọ dúró níbẹ̀, kò sí ohun tó kù fún un láti yẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò ẹran ìgbẹ́ fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọdẹ, kí ó tó di gbígbẹ.

Lọ́dún 2023, nígbà tí àrùn áńtíráàsì bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, ìjọba àpapọ̀ wa kìlọ̀ fún aráàlú nípa pọ̀nmọ́, ẹran gbígbẹ àti ẹran ìgbẹ́. Lóṣù Keje ọdún náà, wọ́n rí àrùn yìí lára ẹran ọ̀sìn ní Sùléjà, ní ìpínlẹ̀ Náíjà. Ẹran tí áńtíráàsì bá pa sábà máa ń kú lójijì. Ó máa ń tètè wú, ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kì í dì sì lè máa jáde nímú, lẹ́nu àti ní ìdí rẹ̀. Irú òkú bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ là á. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kan kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ náà, á wọ inú èèpo líle kan, á sì lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. A kò lè gbẹ́kẹ̀ lé èéfín tàbí omi híhó láti pa á. Lára ẹni tó gé ẹran náà, ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ohun tó ń yún ni, á wá di egbò tí àárín rẹ̀ dúdú, tí kì í sì í dunni. Àìdunni yìí ló ń tan ènìyàn jẹ, nítorí oògùn wà fún un bí a bá tètè dé ilé ìwòsàn.

Májèlé tún wà níbẹ̀. Àwọn kan ń fi oògùn apakòkòrò sínú omi tàbí oúnjẹ tí ẹranko ń jẹ, iná kò sì ń pa májèlé. Ẹran tí kò ní ojú ọta, tí kò sì ní àpá pàkúté, ẹ bi ẹni tó ń tà á bó ṣe kú. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìbọn ló pa á, ẹ gé gbogbo ibi tí ọta bà sọnù, kí ẹ sì gé e fẹ̀ dáadáa, nítorí òjé inú ọta máa ń fọ́ wẹ́wẹ́ sínú ẹran ju ibi tí ojú rí lọ. Òjé kì í jinná, ó sì léwu gan-an fún ọmọdé àti aláboyún.

Ẹni tí kò lè ṣe kó má jẹ ọ̀yà, ọ̀yà tí wọ́n ń sìn ni kó wá lọ. Àwọn tó ń sìn ín wà nílẹ̀ wa àti ní Bẹ̀nẹ̀. Níbẹ̀, ẹ lè rí i láàyè kí wọ́n tó pa á, ẹ sì lè bẹ dókítà ẹranko kó wò ó. Bí ó bá jẹ́ ti ọdẹ ni, tútù ni kí ẹ rà á, kí ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ní egbò lọ́wọ́ kò gbọ́dọ̀ gé e, kí ẹni tó ń gé e wọ ìbọ̀wọ́, kí ọ̀bẹ àti pákó rẹ̀ má sì kan ẹ̀fọ́ tí a ó jẹ ní tútù. Bí ibà bá wá mú ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹran náà láàárín ọjọ́ 21, kó má ṣe ra oògùn ibà ní kẹ́místì lásán. Kó lọ sí ilé ìwòsàn, kó sì sọ fún dókítà kó tó béèrè pé òun gé ẹran ìgbẹ́, irú èyí tó jẹ́, àti ọjọ́ tí òun gé e.