Ibòji fún Ẹlẹ́sẹ̀ ní Àbújá

Àwòrán ètò ìlú Àbújá, tí a parí ní ọdún 1979, fi ọjà kékeré àti ilé-ìwé sí àárín àdúgbò kí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láìní mọ́tò mọ bí oòrùn ẹ̀rùn ti rí. Igi ni àtúnṣe rẹ̀, kì í sì í ṣe ibi tí ó bá wu ni ni a ń gbìn ín sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo títì àdúgbò tí ó lọ láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Láti oṣù Kẹsàn-án títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin, apá gúúsù ni oòrùn ọ̀sán máa ń wà ní Àbújá. Àríwá ni òjìji ń ṣubú sí. Ní oṣù Kejìlá, igi tí ó ga ní mítà 6 yóò ta òjìji bíi mítà 4. Nítorí náà, ní ẹ̀gbẹ́ àríwá títì, etí títì gan-an ni ààyè igi. Ní ẹ̀gbẹ́ gúúsù, ìdí ọgbà ilé ni. Bí a bá gbìn ín sí etí títì níhìn-ín, mọ́tò ni yóò jẹ ìgbádùn ibòji náà.

Dóńgóyárò yẹ fún iṣẹ́ yìí, bí a bá ń gé ẹ̀ka ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá da símẹ́ńtì dí ìdí rẹ̀, gbòǹgbò yóò gbé òkúta ọ̀nà sókè. Kí mítà 2 ṣẹ́kù fún ẹlẹ́sẹ̀, kí ìyá tí ó pọnmọ àti ẹni tí ó rẹrù lè kọjá ara wọn. Ní ẹnu géètì onílé, mọ́tò ni kí ó gòkè wá bá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀.