Ìwé Àbá Eré Kátúùnù: Ẹ Kọ́gbọ́n Lára Oríkì

Ìwé àbá tí a fi ń wá olówó fún eré kátúùnù ọmọdé máa ń ní ohun mẹ́rin nínú: kókó eré, ọjọ́ orí àwọn òǹwòran, ẹ̀dá-ìtàn, àti àkópọ̀ ìtàn ìpín kọ̀ọ̀kan. Lójú tèmi, ìdí ẹ̀dá-ìtàn ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á kọ ọ́ pé: "Àdùkẹ́ gbọ́n, ó sì níwà." Kò sí ìtàn nínú ìyẹn.

Ní Òkukù, nítòsí Ìkìrun, níbi tí Karin Barber ti ṣe ìwádìí tó fi kọ ìwé rẹ̀ ti ọdún 1991, oríkì kì í ṣe ìyìn nìkan. Ó ń dárúkọ àléébù àti àṣà tó mú ẹnì kan yàtọ̀.

Bí a bá kọ ọ́ pé Àdùkẹ́ kì í lè pa àṣírí mọ́, ìtàn dé nìyẹn. Ìyá àgbà sọ fún un ní ìkọ̀kọ̀ pé àwọn fẹ́ ra ẹ̀bùn fún bàbá rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo ọjà Ìkìrun ti gbọ́. Báwo ni yóò ṣe tún un ṣe? Ìpín kan nìyẹn, ọmọ ọdún 6 yóò sì lóye rẹ̀.

Ẹ dán ìwé yín wò: ẹ fi orúkọ ẹ̀dá kan rọ́pò èkejì. Bí ìtàn kò bá yí padà, ẹ kò tíì ní ẹ̀dá-ìtàn.